Àǹkárá Tó Kó Àwọ̀ Ran Bùbá Màámi

Bùbá funfun tí bàbá mi rà fún màámi kẹ́yìn kí wọ́n tó kú ni mo kó sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pọ̀ mọ́ àǹkárá tuntun mi. Aṣọ ẹbí ni àǹkárá ọ̀hún, ó pupa, ó sì dúdú bí aró, n ò sì tíì fọ̀ ọ́ rí. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀rọ náà, bùbá ti di píǹkì. Àyà mi já. Mo yára sá a sóòrùn, bóyá oòrùn á mú un kúrò. Àṣìṣe kejì nìyẹn, torí pé àwọ̀ tó bá ti gbẹ sára aṣọ máa ń ṣòro yọ.

Màámi ò pariwo. Wọ́n mú àǹkárá náà, wọ́n rẹ igun rẹ̀ kan sómi, wọ́n wá fi áńkáṣíìfù funfun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Áńkáṣíìfù pupa.

“Ọkọ mi, ṣó o rí i? Eléyìí ò gbọ́dọ̀ bá aṣọ kankan wọ omi.”

Ohun tó fà á ni pé, nígbà tí wọ́n bá ń tẹ àǹkárá, kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló máa ń wọnú òwú. Àṣẹ́kù rẹ̀ á kàn jókòó sórí aṣọ, á máa dúró de omi. Aṣọ tó bá dúdú tàbí tó pọ́n gan-an ló máa ń ní àṣẹ́kù jù. Mo ní ṣé kí n da iyọ̀ sí i, bí gbogbo ayé ṣe ń sọ. Màámi ní àwọn ti dán an wò títí. Iyọ̀ wúlò níbi tí wọ́n ti ń fún aṣọ láwọ̀, àmọ́ ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè di èyí tó ti tú mú. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò ni.

A yí inú àǹkárá síta, a fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ lóun nìkan, a ò rẹ ẹ́ sílẹ̀. A ń pààrọ̀ omi títí ó fi mọ́. Ìgbà mẹ́rin ni. A tún fi áńkáṣíìfù mìíràn tẹ̀ ẹ́, kò pọ́n mọ́. Lójú ẹsẹ̀ la sá a síbi ibòji, torí tá a bá ká a jọ ní tútù, apá tó pupa lè yí apá tó mọ́lẹ̀ lára aṣọ kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọ yáàdì báyìí kó tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Tí wọ́n bá ti rán an pọ̀ mọ́ léèsì funfun, ta ló fẹ́ yà wọ́n?

Ní ti bùbá, iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ yẹ́lò wà lọ́rùn rẹ̀, bílíìṣì ò ṣeé lò, á bà á jẹ́. A rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, a pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Píǹkì náà lọ, àfi díẹ̀ lábẹ́ abíyá.

Màámi wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ní, “Mi ò ṣáà ní nawọ́ sókè.”