Pọ́ǹpù Ló Ń Jẹ Owó Yín, Kì Í Ṣe Áyọ́ọ̀nù

Àdùnní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé ilé tuntun yín?

Ọ̀rọ̀ bílì iná tí o bá mi sọ kò kúrò lọ́kàn mi. O ní láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ sí Fontana, ìdájí lo máa ń jí lọ aṣọ àwọn ọmọ, síbẹ̀ bílì ò wálẹ̀. Mo ti wo èyí tí o fi ránṣẹ́ dáadáa. Ibòmíì ni owó yín ń gbà lọ.

Ètò tí wọ́n fi yín sí wà lórí bílì náà: TOU-D-4-9PM. Lábẹ́ ètò yìí, láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ sí aago 9 alẹ́ ni iná ilé-iṣẹ́ Edison máa ń wọ́n jù, àgàgà láti oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kẹsàn-án, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Oòrùn ló fà á. Páńẹ́ẹ̀lì sólà pọ̀ gan-an ní Kalifóníà, nítorí náà iná máa ń ṣẹ́kù lọ́sàn-án. Àmọ́ tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ìyẹn gan-an ni àsìkò tí oníkálùkù ń ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n wá máa ń fi gáàsì ṣe apá kan nínú iná ìrọ̀lẹ́, owó ńlá sì nìyẹn.

Jẹ́ ká wá ṣírò ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù. Ká ní yúníìtì kan jẹ́ sẹ́ǹtì 60 nírọ̀lẹ́, kó jẹ́ sẹ́ǹtì 35 ní àsìkò tó dínwó. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1200 tí o fi lọ aṣọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò lè jẹ ju yúníìtì 0.6 lọ. Gbogbo èrè tí o jẹ lórí oorun tí o pàdánù yẹn ò ju sẹ́ǹtì 15 lọ. Jọ̀ọ́, máa sùn.

Pọ́ǹpù tó ń yí omi ibi ìlúwẹ̀ẹ́ yín ló yẹ ká bá wí. O ní aago 2 ọ̀sán ló ń bẹ̀rẹ̀, aago 10 alẹ́ ló ń kú, bí ẹni tó ta ilé fún yín ṣe fi í sílẹ̀. Irú pọ́ǹpù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ yúníìtì kan ààbọ̀ ní wákàtí kan. Wákàtí márùn-ún ló fi ń ṣiṣẹ́ lásìkò tó wọ́n: yúníìtì 7.5. Tí o bá gbé e kúrò níbẹ̀, sẹ́ǹtì 25 lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan á di nǹkan bíi dọ́là 1.88 lójúmọ́. Nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ 22 ló máa ń wà nínú oṣù kan, ó ti lé ní dọ́là 41 nìyẹn. Omi á sì mọ́ bó ṣe ń mọ́ tẹ́lẹ̀, torí iye wákàtí kò yí padà.

Aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi í sí. Nígbà òtútù, àsìkò yẹn ló tún pọ́ọ́kú jù nínú ètò yín. Inú àpótí irin tó wà lára ògiri ni aago pọ́ǹpù wà, tó ní ojú róbótó kan àti irin kéékèèké méjì: ọ̀kan ń tan án, ọ̀kan ń pa á. Kí bàbá àwọn ọmọ kọ́kọ́ pa iná pọ́ǹpù níbi bíréékà, torí fólítì 240 ló wà nínú àpótí yẹn. Kó tú irin méjèèjì, kó dè wọ́n mọ́ 8 àti 4. Lẹ́yìn náà kó fa ojú aago síta díẹ̀, kó yí i títí tí àkókò tí a wà gan-an á fi bọ́ sábẹ́ ọfà.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí. Iná ló ń yí aago yẹn. Bí iná bá lọ fún wákàtí méjì, aago á fi wákàtí méjì sẹ́yìn, pọ́ǹpù á sì máa ṣiṣẹ́ títí di aago 6. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí wọ́n bá sún aago síwájú ní oṣù kẹta. Kò ní mọ̀. Fi í wé fóònù rẹ, wàá rí i. O tún lè wọ àkáǹtì yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí o wo iye iná tí ẹ ń jẹ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan: tó bá ṣì ga lẹ́yìn aago 4 nígbà tí ilé dá, pọ́ǹpù ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Ní ti aṣọ fífọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ló wúwo, tó bá jẹ́ oníná. Ẹrù kan lè jẹ nǹkan bíi yúníìtì mẹ́ta. Tó bá jẹ́ onígáàsì, ìyàtọ̀ ò tó nǹkan. Ẹ gbẹ aṣọ kó tó di aago 4, àmọ́ ẹ má tan ẹ̀rọ náà kí ẹ lọ sùn, torí ó lè gbiná. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ní tiẹ̀, àárọ̀ Sátidé ni kí o lọ̀ ọ́, pàápàá gíníì bàbá àwọn ọmọ tó máa ń pẹ́ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, torí iná ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà wọ́n ju ti àárọ̀ lọ.

Ẹ̀rọ amúlétutù ṣì wà níbẹ̀ o. Tó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ lẹ ń lò ó jù, bílì ò ní wálẹ̀ tó bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tún aago pọ́ǹpù ṣe lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì fi bílì tó bá tẹ̀ lé e ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Yétúndé