Ìlà Tíkẹ́ẹ̀tì àti Àwo Tí A Tò Léra

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìdí tíkẹ́ẹ̀tì ni a kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Nígbà tí mo ń fi Python kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀, mo wo `list` dáadáa. Bí `ila.pop(0)` bá mú ẹni iwájú jáde, gbogbo àwọn tí ó kù ni kọ̀ǹpútà ń sún síwájú. Bí ènìyàn 1,000 bá tò, ìsún 499,500 ni yóò wáyé kí ìlà tó tán. Nítorí náà ni mo ṣe yan `deque`: `ila.popleft()` kì í sún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, ohun tí ó ṣe kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ parẹ́, bí àwo tí a tò léra. `list` tó fún èyí, nítorí `pop()` ń mú láti ìparí.