Títo Ìwàásù Ọdún Ìjọ

Bí àwa kátíkíìsì bá fẹ́ to ìwàásù ọdún kan sílẹ̀, ọjọ́ Àjíǹde ni a kọ́kọ́ ń wá. Kérésìmesì kì í kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n Àjíǹde ń sún láàárín ọjọ́ 22 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, bí ó sì ti ń sún ni ó ń bu Ọjọ́ Ìsinmi kúrò ní apá kan ọdún, tí ó sì ń fi kún apá kejì.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọdún Ìjọ tí ìgbà Bíbọ̀ Olúwa rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 2026. Àjíǹde rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2027, èyí tí ó tètè dé. Ìwé Àdúrà ti 1662 kọ Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́yìn Ìfihàn Olúwa, ṣùgbọ́n méjì péré ni a ó rí lò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣáájú Lẹ́ǹtì tó wọlé. Ẹni tí ó bá ti pèsè ìwàásù mẹ́fà lórí iṣẹ́ ìyanu Olúwa yóò ká mẹ́rin nínú wọn padà sínú àpótí. Lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan ẹ̀wẹ̀, Ọjọ́ Ìsinmi 26 ni ó wà, 25 sì ni Ìwé kọ. Nítorí náà a ó yá ọ̀kan lò nínú àwọn tí a fò, ṣùgbọ́n èyí tí ó kẹ́yìn nínú Ìwé kò gbọdọ̀ kúrò ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú Bíbọ̀ Olúwa.

Ẹ̀kọ́ tí ó ń ni oníwàásù lára jù ni ti Mẹ́talọ́kan, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yà sọ́tọ̀ fún un. Wọn a mú omi, yìnyín àti oru wá, wọn a ní ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àfiwé náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Sábélíọ́sì ni: pé ẹnì kan ṣoṣo ń pààrọ̀ ìrísí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni Jésù ń gbàdúrà sí?

Ọ̀nà tí ó sàn wà nínú Ìhìnrere tí a ti yàn tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, Ọjọ́ Ìsinmi kẹta lẹ́yìn Àjíǹde, Jòhánù orí 16 ni a ń kà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: Ọmọ ń lọ sọ́dọ̀ Baba, Olùtùnú ń bọ̀, a ń bèèrè lọ́wọ́ Baba ní orúkọ Ọmọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn Ìgòkè-re-ọ̀run, orí 15 sọ pé Ọmọ ni yóò rán Ẹ̀mí láti ọ̀dọ̀ Baba. Pẹ́ńtíkọ́sì tẹ̀lé e. Ní gbogbo ìgbà yìí, ohun kan náà ni a ń bi ìjọ: ta ni ó rán, ta ni a rán? Bí ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé bá lè dáhùn, ìwàásù ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún kò ní pẹ́, nítorí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ẹni tí ó mọ̀.

Ní ti ọ̀sẹ̀ gígùn tí ó kù, a kì í jẹ́ kí ìwàásù tí ń tẹ̀lé ara wọn ju mẹ́rin lọ. Òjò a máa dá àwọn ará oko dúró, ìkórè a sì gba tirẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìkejì àti ìkẹta kò ní mọ ohun tí ìkeje ń wí.