Ẹnu Ọ̀nà Ni Owó Náà Bá Lọ

Bíìlì oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 wọlé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá. Ọ̀gá wa ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù wa, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Dọ́là 1,590. Bíi 400 la máa ń san lóṣù. Dọ́là kan ń lọ bíi 1,600 náírà nígbà náà, torí náà ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: owó tó fi lé kù díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù méjì náírà. Ẹni méje péré ni wá, iṣẹ́ wa sì ni ká máa bá àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ wọn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹjọ́ ti já lé ẹnì kan lórí. Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí wọn ò tíì fún ní lẹ́tà pé ó ti di òṣìṣẹ́ gidi, gbé sáfà kan dìde fún àyẹ̀wò lóṣù yẹn, ó sì gbàgbé láti pa á. Ọ̀gá ní tó bá jẹ́ òun ló fà á, kó máa lọ sílé. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo gbàgbé ẹ̀ lóòótọ́ o, àmọ́ ṣé sáfà kan ṣoṣo lè jẹ tó báyìí?"

Kò lè jẹ ẹ́. `t3.medium` ló gbé dìde, sẹ́ǹtì mẹ́rin àti díẹ̀ ni wákàtí kan. Kó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún odidi oṣù, kò ju bí ọgbọ̀n dọ́là lọ. Sáfà tí èèyàn gbàgbé ń jẹ owó, ṣùgbọ́n iye kan náà ló ń gbà lójoojúmọ́ bí alájọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ́kọ́ wo iye tó wà nínú bíìlì. Ọjọ́ tí owó náà gbéra ni mo fẹ́ mọ̀.

Mo ṣí Cost Explorer ti AWS, mo ní kó to owó náà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì pín in sí ọ̀nà tó gbà lọ, ìyẹn `Usage type`. Títí di ọjọ́ 19, gbogbo rẹ̀ pẹlẹbẹ. Lọ́jọ́ 20, ìlà kan fò sókè, kò sì wálẹ̀ mọ́ títí oṣù fi parí: dọ́là 108 lójúmọ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá. Sáfà àbúrò wa ò sí níbẹ̀ rárá. `DataProcessing-Bytes` lábẹ́ CloudWatch ni. Lọ́ọ̀gì.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: gbogbo prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ ló ń kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, bí ẹni tó jókòó ti ìwé àlejò. "Mo gba iṣẹ́ yìí. Mo ṣe é tán. Èyí ò ṣeé ṣe." Ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ wa sí ni CloudWatch, ní Fàjíníà tí sáfà wa wà. Ààbọ̀ dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí gígábáìtì kan bó ṣe ń wọlé. Tó bá wọlé tán, títọ́jú rẹ̀ ò wọ́n, sẹ́ǹtì mẹ́ta lóṣù lórí gígábáìtì kan, wọ́n á sì ti fún un pọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ṣìwà hù.

Dọ́là 108 túmọ̀ sí gígábáìtì 216 lójúmọ́. Kí làwa fẹ́ kọ tó pọ̀ tó yẹn? CloudWatch ní òǹkà kan tó ń jẹ́ `IncomingBytes`, tó ń sọ iye tí ẹgbẹ́ lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kó wọlé. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ò ju ìwọ̀nba lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ẹrù yẹn, `/app/owo-osu`. Mo ṣí i. Nọ́ńbà iṣẹ́ kan náà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, bíi àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, odidi ìwé owó oṣù ilé-iṣẹ́ kan sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kìlóbáìtì 50.

Ara mi tutù. Mo mọ nọ́ńbà yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 19, oníbàárà kan pè pé owó òṣìṣẹ́ òun ò lọ. Mo fi nǹkan yìí sórí sáfà kí n lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú:

```
LOG_LEVEL=debug
```

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo rí i. Òṣìṣẹ́ kan kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ ká kọ ọ́, pẹ̀lú àmì lórí àti lábẹ́. Ojú wa rí `ọ́` bíi lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n báìtì márùn-ún ló jẹ́ fún kọ̀ǹpútà. `o` lásán, báìtì kan. Àyè tí a fi sílẹ̀ fún orúkọ ò gbà á, prógíráàmù wa sì kọ gbogbo ìwé náà. Mo fi ọwọ́ ara mi san owó wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ohun méjì ni mo gbàgbé. Iṣẹ́ náà ṣì wà ní ìlà. Èmi náà ni mo kọ ọ́ tipẹ́ pé iṣẹ́ tí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn ìlà. Mi ò sọ iye ìgbà, mi ò ní kó sinmi láàárín. Ó ṣeé ṣe kó ti máa yí bẹ́ẹ̀ tipẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀, torí nígbà tí a wà ní `info`, gbólóhùn kékeré kan ló ń kọ nígbà kọ̀ọ̀kan, kò tó gígábáìtì kan lójúmọ́. `debug` tí mo tàn ló sọ gbólóhùn yẹn di odidi ìwé. Oníbàárà kankan ò ráhùn. Sáfà ò kú. Owó nìkan ló ń dún, ìkìlọ̀ owó tí a sì ṣètò ń lọ sí ímeèlì ẹnì kan tó ti fi wá sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Mo jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ẹgbẹ́ lọ́ọ̀gì rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wò mí á ní ọgbọ́n ni mò ń ṣe, pé mò ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ kí bíìlì lè wálẹ̀. Irọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà ni owó yẹn bá lọ. Tí mo bá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kọ́bọ̀ kan ò ní padà nínú dọ́là 1,188 yẹn. Ohun tí yóò bá a lọ ni ẹ̀rí pé èmi ni mo fà á, sáfà àbúrò yẹn á sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń wá ẹni tí wọ́n máa bá wí.

Mo dá `LOG_LEVEL` padà sí `info`, mo yọ iṣẹ́ náà kúrò ní ìlà. Nínú wákàtí kan, `IncomingBytes` wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọ̀gá, mo ní, "Ẹ má bínú sà, èmi ni. Kì í ṣe ọmọ yẹn." Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ó wá ní, "Ó ti dúró báyìí?" Mo ní ó ti dúró. Ó ní ká sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ajé a yọ ìdá kan nínú owó oṣù mi, fún oṣù mẹ́rin. Mi ò bá wọn jiyàn. Àbúrò náà gba lẹ́tà rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì ti pa sáfà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó pè mí. Iṣẹ́ tí kò bá ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún ń lọ sí ìlà ọ̀tọ̀ báyìí, kí ènìyàn wò ó. Ìkìlọ̀ owó ń dún lórí fóònù àwa mẹ́ta, tí ọjọ́ kan bá ti kọjá dọ́là 25. Ó máa ń pẹ́ bí ìdajì ọjọ́ kó tó dé, torí owó tí wọ́n ṣírò ò kì í yára hàn. Òǹkà `IncomingBytes` ló ń tètè sọ̀rọ̀, nítorí náà mo fi ìkìlọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀ náà.

Orúkọ yẹn ńkọ́? Mo ti fẹ àyè rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n báńkì tó ń gbé owó náà ò gba àmì kankan, torí náà a ṣì ń bọ́ gbogbo àmì orí rẹ̀ kúrò kó tó lọ. Lóṣooṣù ni mò ń rí i tó ń kọjá nínú lọ́ọ̀gì, ní gbólóhùn kékeré kan, láìní àmì.