Díẹ̀díẹ̀ Ni À Ń Fi Inú Han Ọ̀rẹ́ Tuntun

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn tó ṣe iṣẹ́ òru ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà a máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí abẹ́ bíríìjì Sángo. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ a máa dá wọn dúró pẹ́ lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni òmíràn ti ń bàjẹ́.

Ẹ wo obìnrin kan tó gba iṣẹ́ ní agbègbè náà láìmọ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, ó jókòó ti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú bọ́ọ̀sì, ó sì tú gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kalẹ̀: ọkọ tó já a sílẹ̀, owó àjẹmẹ́kù tó jẹ, oyún tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Akẹgbẹ́ náà kò rí nǹkan kan sọ ju "Ó mà ṣe o" lọ. Láti ọjọ́ náà, iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ni ó ń jókòó. Kì í ṣe ìkórìíra. Kò mọ ohun tí òun náà lè sọ tí yóò tó ohun tó gbọ́, kò sì mọ̀ bóyá owó ni wọ́n fẹ́ yá lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí obìnrin yìí pàdé ẹlòmíràn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó yí ọwọ́ padà. Ọ̀rọ̀ onílé àti omi tí kò yọ nínú kànga ló kọ́kọ́ sọ. Onítọ̀hún náà ráhùn nípa onílé tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ní iṣẹ́ òru ń ni òun lára, nítorí pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni ọmọ òun ń sùn. Ó dákẹ́ síbẹ̀, ó ń wòye.

Ohun mẹ́ta ló ń wò. Àkọ́kọ́, ṣé èkejì yóò fi ohun tó wúwo bákan náà san án padà? Ó sọ ti àìsàn ìyá rẹ̀. Èkejì, ṣé yóò rántí? Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó béèrè pé, "Àbúrò mi, ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ó sùn dáadáa?" Ẹ̀kẹta, ṣé ọ̀rọ̀ náà yóò gba ẹnu ẹlòmíràn jáde níbi iṣẹ́? Kò sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Ìgbà náà ló tó sọ ti gbèsè. Ti ọkọ ló gbẹ̀yìn, kì í sì í ṣe inú bọ́ọ̀sì tí etí pọ̀ sí ni ó ti sọ ọ́.

Ní ọdún 1973, Irwin Altman àti Dalmas Taylor, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ìpele-ìpele ni ènìyàn ń ṣí ara rẹ̀ payá. Àlùbọ́sà ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi ṣe àpèjúwe rẹ̀: èèpo òde a tètè bọ́, ti inú a máa pẹ́. Bí èkejì kò bá sì dá nǹkan kan padà, kí ọ̀rọ̀ dúró sí èèpo tó dé. Ẹni à ń bá wọkọ̀ náà wúlò láyè tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewu ẹ̀mí kì í dúró de ìpele. Ẹni tí wọ́n ń lù nílé, kó tètè ké sí ẹbí.

Ẹyin lohùn, ẹni tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ na ọwọ́.