Oríkèé ìka tó ń dúdú

Ẹ̀yin tèmi, ẹ wo oríkèé ìka yín. Ọdún 3 ni ẹ̀gbọ́n mi kan fi ń pa ìpara haidirokuinóònù. Ojú ẹ̀ pọ́n, oríkèé ìka dúdú bí èédú. Ló bá ń pa á sí i níbẹ̀. Àṣé ìpara yẹn gan-an, pẹ̀lú oòrùn, ló ń sọ awọ di dúdú!

Òmíì tó ń lò ní kilobẹtasọ́ọ̀lù nínú. Ìyẹn máa ń jẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́. Ìlà pupa yọ sí itan ẹ̀. Ó lè ṣá, àmọ́ kì í lọ tán.

Ìgbà tí ọgbẹ́ kékeré kọ̀ tí kò jinná ló tó lọ rí dókítà awọ. Ẹ má dúró dìgbà yẹn o. Ẹ gbé ike ìpara dání. Tó bá ní kilobẹtasọ́ọ̀lù, ẹ má dédé já a sílẹ̀. Dókítà á sọ bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù.