Wákàtí 35: Ẹ̀kọ́ Tí Àwọn Nọ́ọ̀sì Wa Ní Ìlú Ọba Ń Sanwó Lé Lórí Lásán

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá rí ìpolówó ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tà fún àwa nọ́ọ̀sì tí a ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Orí fóònù ni wọ́n sábà máa ń fi í ránṣẹ́ sí wa, pàápàá jù lọ nínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù àwọn ọmọ Nàìjíríà: wákàtí 35 pérépéré, NMC fọwọ́ sí i, ẹ sanwó lónìí kí ẹ gba sátífíkéètì lónìí. Ẹni tí ọjọ́ ìsọdọ̀tun ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé kì í fẹ́ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sanwó.

NMC ni ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa ṣe àkóso orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Ìlú Ọba. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni ìgbìmọ̀ yìí ti sọ ọ́ di dandan pé, ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan fi hàn pé òun ṣì yẹ lẹ́ni tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni wákàtí 35 tí èèyàn fi kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ láàárín ọdún mẹ́ta náà. Ẹni tí kò bá parí ohun tí wọ́n béèrè kí ọjọ́ tó pé, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú ìwé, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́ títí tí wọn yóò fi gbà á padà. Ẹni tó ń fi owó oṣù san owó ilé, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí òbí nílé, mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìbẹ̀rù yìí gan-an ni àwọn ọlọ́jà ẹ̀kọ́ ń tà fún wa.

Mo mọ ìdí tí ọjà wọn fi ń yá lọ́wọ́ àwa tí a ti Nàìjíríà wá. Nílé, nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ sọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun ní láti lọ jókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ náà là kalẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí ìgbìmọ̀ fún láṣẹ láti kọ́ni. Ó ń sanwó, ó ń jókòó, ó ń gba sátífíkéètì. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé Ìlú Ọba, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Ta ni ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí ẹnì kankan. NMC kì í fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ kankan fún wákàtí 35 yìí, kì í sì í fún ẹ̀kọ́ ní máàkì. Ẹni tó bá ní NMC fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tòun fún ìdí yìí ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí NMC ń wò ni bóyá ẹ̀kọ́ náà bá iṣẹ́ tí ò ń ṣe mu, bóyá àárín ọdún mẹ́ta náà lo kọ́ ọ, àti bóyá àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú òfin yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo kọjá. Nínú wákàtí 35 náà, ó kéré tán, 20 gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí o bá òṣìṣẹ́ mìíràn kọ́. Kò pọn dandan kí ẹ wà nínú yàrá kan náà. Ẹ lè rí ara yín lórí fídíò. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí ọ̀rọ̀ máa lọ kí ó sì máa bọ̀ láàárín yín. Ẹni tó dá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ń tẹ ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, kò bá ẹnikẹ́ni kọ́ ẹ̀kọ́, bí sátífíkéètì rẹ̀ tilẹ̀ ń dán bíi góòlù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àbúrò wa kan ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ìparí oṣù kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò dópin, èyí tó túmọ̀ sí pé ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ìwé ìbéèrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ní oṣù keje, ó pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ san 180 pọ́n-ùn fún ẹ̀kọ́ wákàtí 35 kan. Ṣé ẹ gbọ́ nípa àwọn tó ń tà á?" Mo ní kó má tíì san kọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ kó gbogbo sátífíkéètì tó ti gbà láti ọdún mẹ́ta jọ, kó kà wọ́n fún mi.

Méjì nínú wọn jẹ́ ti iná àti ti ààbò ibi iṣẹ́. A yọ wọ́n sọ́tọ̀, nítorí NMC sọ pé ẹ̀kọ́ dandan tí kò bá ìtọ́jú tí èèyàn ń ṣe tan kò sí lára wákàtí 35. Ó ní wákàtí 6 lórí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, 5 lórí egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń fà, àti 4 lórí ìfúnni-lóògùn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti dá kọ́ gbogbo wọn, wọ́n sì jẹ́ 15. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹ̀kọ́ wákàtí 4 tí wọ́n kọ́ wọn lójúkojú lórí bí a ṣe ń gbé aláìsàn. Ẹ̀kọ́ dandan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe lálaalẹ́ ni, nítorí náà a kà á mọ́ ọn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 19, tí 4 péré nínú rẹ̀ jẹ́ àjùmọ̀kọ́.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí 180 pọ́n-ùn ìbá ṣe fún un. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ tà fún un jẹ́ àdákọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá rà á, wákàtí rẹ̀ yóò di 54, àjùmọ̀kọ́ rẹ̀ yóò sì wà ní 4 síbẹ̀. Owó ti lọ, àbùkù kò kúrò. Wákàtí 16 ló kù fún un, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àjùmọ̀kọ́.

Ibi tó ti rí i kò jìnnà. Nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ nípa egbò wá kọ́ wọn ní ilé ìtọ́jú náà fún wákàtí 3. Ọ̀gá wọn ló ránṣẹ́ pè é. Ilé ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, èyí tó wà ní àdúgbò wọn, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ wákàtí 4 fún àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè náà. Apòògùn tó ń bójú tó òògùn àwọn àgbàlagbà náà jókòó tì wọ́n fún wákàtí 2, ó ṣàlàyé òògùn tó ń fa òòyì àti ìṣubú. Wọ́n ṣe ìpàdé wákàtí kan lórí bí wọn yóò ṣe yí ètò ìṣọ́ òru padà. Ìpàdé tí a fi ń fa iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́ lójoojúmọ́ kò lè rọ́pò èyí o. Ohun tuntun ni wọ́n péjọ láti kọ́. Wákàtí 6 tó kù, òun àti nọ́ọ̀sì mẹ́ta mìíràn ni wọ́n ṣe é fúnra wọn lórí fídíò: ẹ̀ẹ̀mẹrin, wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan a ka àpilẹ̀kọ ìwádìí kan sílẹ̀, a sọ ọ́ fún àwọn yòókù, wọn a sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá iṣẹ́ wọn mu. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16 géérégé, kò sì san kọ́bọ̀.

Ibi tí ọ̀fẹ́ ti ń di wàhálà ni àkọsílẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀kọ́ ní sátífíkéètì. Ẹni tó kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní láti ṣe ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá wáyé gan-an ni kí ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ohun tí ẹ kọ́, bí ẹ ṣe kọ́ ọ, iye wákàtí, iye tó jẹ́ àjùmọ̀kọ́ nínú rẹ̀, àti apá ibi tó kàn nínú Ìwé Ìlànà Iṣẹ́ tí NMC fún wa. Ẹgbẹ́ oní-fídíò yẹn máa ń kọ orúkọ àwọn tó wá àti kókó ohun tí wọ́n sọ, gbogbo wọn a sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ aláìsàn tàbí ohunkóhun tí a fi lè dá a mọ̀ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. NMC a máa yan àwọn kan láti yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ohun ọdún mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan yóò tètè hàn, nítorí ọjọ́ àti wákàtí kò ní bá ara mu.

Àǹfààní mìíràn wà nínú àkọsílẹ̀ tó péye. NMC tún ń béèrè àkọsílẹ̀ ìrònú márùn-ún, níbi tí nọ́ọ̀sì yóò ti sọ ohun tó kọ́ àti ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ lórí egbò àti ọ̀rọ̀ apòògùn ni àbúrò wa fi kọ méjì nínú tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò bá nọ́ọ̀sì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ NMC jíròrò lórí márààrún, ẹnì kan, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, yóò sì jẹ́rìí sí i pé ó ti pé. Bí ọ̀gá náà bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀, òun nìkan lè ṣe méjèèjì ní ìjókòó kan.

Èmi kò sọ pé ẹ̀kọ́ olówó kò dára. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ òògùn fún aláìsàn yóò lọ sí yunifásítì, owó yóò sì lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé wákàtí 35 kò béèrè irú owó bẹ́ẹ̀. Kódà, àdákọ́ wákàtí 15 tó kù wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí OpenLearn àti lójú òpó ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣí sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Mélòó nínú wákàtí yìí ni mo máa fi bá èèyàn sọ̀rọ̀?" Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ òdo, ẹ pa fóònù yín dé, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì mẹ́ta tí ẹ mọ̀.